Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́: bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ìdánwò, àjẹmọ́nú àti ìfilọ̀

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ kì í gùn. Ojú ìwé kan tàbí méjì ni, lédè Faransé, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ á wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì ní kí ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ibi tí wọ́n kọ owó sí ni ojú gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Àmọ́ iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn kọ́ ló máa dé ọwọ́ yín lóṣù àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò máa wá nígbà tí ẹ bá lọ ìsinmi. Ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò, àjẹmọ́nú àti ìfilọ̀ ló ń sọ iye tí iṣẹ́ náà tó gan-an. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń gbé ka orí ìlérí kọ̀ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló lè dá a dúró?

Ìwé owó oṣù ni mò ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Àjàṣẹ́, nítorí náà ìhà kejì tábìlì ni mo ti ń rí àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Kétu, tó ń gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan níbẹ̀, ló rí iṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin, ní ìhà ọjà Wàńdó ní Àjàṣẹ́. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ fún un rèé: kọ́ńtrà oṣù méjìlá, ìdánwò oṣù mẹ́ta, “a lè tún un ṣe”, owó oṣù 120,000 fránkì ní brútì, tí 60,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó oṣù gangan, 20,000 owó ọkọ̀, 20,000 owó ilé, 20,000 príìmù iṣẹ́ dáadáa “lẹ́yìn ìfìdímúlẹ̀”, ìtọ́jú ìlera, òun náà “lẹ́yìn ìfìdímúlẹ̀”, ìfilọ̀ oṣù mẹ́ta bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ayọ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. “Ẹ̀gbọ́n, 120,000 ni wọ́n fẹ́ máa san fún mi!” Ìdí sì wà fún ayọ̀ náà, torí owó tó ń gbà ní Kétu kò tó ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n a jókòó, a mú bírò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tú owó náà sí wẹ́wẹ́

Ẹ mú abala ìwé kan, kí ẹ kọ owó kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. Ẹ má tíì wo àròpọ̀. Èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni owó oṣù gangan, tí ìwé Faransé ń pè ní sàlẹ́ẹ̀ dù báàsì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Bẹ̀nẹ̀ gbà láyè, ìyẹn SMIG, jẹ́ 52,000 fránkì. Bí ẹ bá rí i pé owó gangan kéré sí ìyẹn, tí wọ́n wá fi owó ọkọ̀ àti owó ilé gbé e ga kó lè dùn-ún wò, ẹ dúró ná. Ti ọmọbìnrin yìí jẹ́ 60,000, ó fi díẹ̀ kọjá ohun tí òfin sọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ owó gangan ni pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò àwọn nǹkan mìíràn. Ẹ wo iṣẹ́ àṣekún. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni òfin ní kí èèyàn ṣe, èyí tó ń lọ sí wákàtí 173 àti díẹ̀ lóṣù. Ibi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì kì í ti ilẹ̀kùn ní Sátidé, nítorí náà iṣẹ́ àṣekún á wà, ó dájú. Bí ẹ bá pín 60,000 sí wákàtí 173.33, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi 346 fránkì, kí wọ́n tó fi èlé tí òfin ní lé e. Ká ní 100,000 nínú owó yẹn ni wọ́n pè ní owó gangan, wákàtí kan náà ì bá jẹ́ nǹkan bíi 577. Iye àpapọ̀ tó wà lórí ìwé kò yí padà rárá, àmọ́ Sátidé kan náà ti yàtọ̀ sí èkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ ohun tí wọ́n máa yọ. Brútì ni iye tó wà kí wọ́n tó yọ nǹkan kan. Nẹ́ẹ̀tì ni ohun tó dé ọwọ́ yín. Ohun méjì ló máa ń jáde nínú rẹ̀. Èkíní ni ìdá tí òṣìṣẹ́ ń san sí CNSS, àpò tó ń san owó ìfẹ̀yìntì; ìdá náà jẹ́ fránkì 3.6 nínú 100. Èkejì ni owó orí lórí owó oṣù, tí ẹ ó rí lórí ìwé owó oṣù yín pẹ̀lú àmì ITS. Láti ọdún 2022, ìjọba kì í gba ohunkóhun lórí 60,000 àkọ́kọ́. Lórí ohun tó bá lé lórí ìyẹn títí dé 150,000, fránkì 10 nínú 100 ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ọmọbìnrin yẹn, ká sì kà á sí pé gbogbo owó náà ni wọ́n máa yọ nǹkan lé lórí. Nígbà ìdánwò, príìmù kò tíì sí, nítorí náà brútì rẹ̀ jẹ́ 100,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 4,000, CNSS jẹ́ 3,600, ohun tó kù jẹ́ 92,400. Lẹ́yìn ìfìdímúlẹ̀, brútì di 120,000, owó orí di 6,000, CNSS di 4,320, ó ku 109,680. Ohun tó ń pè ní 120,000 yóò jẹ́ 92,400 lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Ó ṣì dára jùlọ fún un, àmọ́ ilé gbọ́dọ̀ wà tó máa gbà ní Àjàṣẹ́, 92,400 yìí ló sì yẹ kó fi wá a.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo bí ìdánwò ṣe gùn tó, àti ohun tó so mọ́ ọn

Àkókò ìdánwò, tí ìwé máa ń pè ní pẹrióòdù dẹ̀sẹ́, ni àsìkò tí ilé iṣẹ́ fi ń wò yín, tí ẹ̀yin náà sì ń wo ilé iṣẹ́. Ohun tó mú un ṣe pàtàkì ni pé nígbà náà, ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì lè ní “ó tó,” láìsí ìfilọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdánwò tí kò sí nínú ìwé, tí ọ̀gá kan fi ẹnu sọ ní ọ̀nà àbájáde, kì í ṣe ìdánwò.

Gígùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ipò tí wọ́n gbà yín sí. Ti àwọn òṣìṣẹ́ lásán àti akọ̀wé kúrú. Ti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àti káádírì gùn jù ú lọ. Nítorí náà, ẹ wá ìlà tó sọ kátégórì yín nínú ìwé, kí ẹ fi wé oṣù tí wọ́n kọ. Ìwé ọmọbìnrin yẹn pè é ní akọ̀wé nínú ìlà kan, ó sì fún un ní ìdánwò tó bá ọ̀gá mu nínú ìlà kejì. Mo ti rí èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe ìwà ibi ní gbogbo ìgbà o: ìwé kan náà ni ilé iṣẹ́ ń lò fún gbogbo ènìyàn, orúkọ nìkan ni wọ́n ń yí padà. Ohun tó bá sì ti inú àìbìkítà wá kì í nira láti tún ṣe, bí èèyàn bá ti tọ́ka sí i.

Ẹ wá wo gbólóhùn náà “a lè tún un ṣe.” Ẹ̀ẹ̀melòó? Ta ni yóò sọ? Ìgbà wo ni wọ́n máa sọ fún yín? Oṣù mẹ́ta tí a tún ṣe jẹ́ oṣù mẹ́fà, nínú kọ́ńtrà tó jẹ́ oṣù méjìlá péré. Ìdajì iṣẹ́ náà ni ọmọbìnrin yìí yóò fi wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n lè lé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo tilẹ̀ ti rí kọ́ńtrà oṣù mẹ́fà tó ní ìdánwò oṣù mẹ́ta àti àtúnṣe oṣù mẹ́ta. Ìdánwò ni gbogbo rẹ̀, kò sí kọ́ńtrà kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí kì í hàn sí èèyàn ni àwọn nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọ̀rọ̀ “lẹ́yìn ìfìdímúlẹ̀.” Ẹ fi bírò pupa yí wọn ká níbikíbi tí wọ́n bá wà. Nínú ìwé yìí, méjì ni: príìmù àti ìtọ́jú ìlera. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 109,680 àti 92,400 jẹ́ 17,280 lóṣù. Bí wọ́n bá fa ìdánwò náà dé oṣù mẹ́fà, 103,680 fránkì ló ti bọ́ sọ́nù, owó tó lé ní oṣù kan odindi. Kò sí ẹni tó parọ́ fún un. Ọjọ́ ni wọn kò kọ.

Bí ẹ ṣe máa béèrè rẹ̀ nìyí: kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìdánwò parí, ọjọ́ àti oṣù, kì í ṣe “oṣù mẹ́ta” nìkan. Kí wọ́n kọ pé bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, wọ́n á sì fún yín ní ìwé kí ìgbà àkọ́kọ́ tó pé. Kí wọ́n kọ pé bí ọjọ́ náà bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan, a ti fìdí yín múlẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbàgbé ìwé ìfìdímúlẹ̀, tí òṣìṣẹ́ á wà níbẹ̀ ọdún kan láì rí príìmù, tí ojú á sì máa ti í láti béèrè.

Ọ̀rọ̀ CNSS yàtọ̀ sí èyí. Òun kò dúró de ìfìdímúlẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa san án, ìdánwò ni o, ìdánwò kọ́ o. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé “lẹ́yìn ìdánwò la ó kọ orúkọ yín,” ẹ má gbà. Oṣù 180 ni òfin ń béèrè kí èèyàn tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì tó péye lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, oṣù tí wọ́n kò sì san kì í wọ inú ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi àjẹmọ́nú kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó lè dá a dúró

Owó ọkọ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà láti fi rọ́pò ohun tí ẹ ná láti dé ibi iṣẹ́. Bí zẹ́mìjáǹ bá ń gba 300 lọ, 300 bọ̀, tí ẹ sì ń lọ ní ọjọ́ 22 lóṣù, 13,200 ni ẹ ó ná, nítorí náà 20,000 tó ó sì kù. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ti jìnnà sí Wàńdó, tó ń gba 500 lọ, 500 bọ̀, ti jẹ 22,000. Kí ọmọbìnrin yẹn tó wá ilé, òye yìí ti yé e. Nígbà ìsinmi ńkọ́? Torí pé ìnáwó ni owó ọkọ̀ ń dá padà, kì í sábà wà nínú owó tí wọ́n ń san nígbà tí ẹ bá lọ ìsinmi. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ìsinmi fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe, ọjọ́ 24 lọ́dún kan. Bí ìwé yín bá kọ iye ọjọ́ tó kéré sí ìyẹn, ẹ tọ́ka sí i.

Owó ilé tí wọ́n ń san lówó rọrùn láti lóye, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ó wà títí, tàbí “títí ilé iṣẹ́ yóò fi rí ilé fún òṣìṣẹ́.” Mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Wọ́n lè rí yàrá kan fún yín lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí, kí 20,000 sì dá.

Príìmù iṣẹ́ dáadáa ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Orúkọ rẹ̀ dùn, àmọ́ àyàfi bí wọ́n bá kọ ohun tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ dáadáa, ọwọ́ ọ̀gá nìkan ló wà. Nínú ìwé yìí wọ́n kọ “gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ìṣàkóso.” Èyí túmọ̀ sí pé lóṣù tí ọjà kò bá tà, 20,000 lè di òfo, kò sì sí ibi tí èèyàn lè fi ẹ̀sùn sí. Ìlànà tó wúlò fún yín ni kí ẹ ṣe ìṣirò ìgbésí ayé yín láìsí irú príìmù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dé, ó dára. Bí iṣẹ́ náà kò bá tó gbà láìsí i, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò tó gbà.

Bí wọ́n bá fún yín ní ohun èlò dípò owó, bí alùpùpù tàbí fóònù, ẹ ka ìlà tó sọ ta ni yóò ra epo, ta ni yóò san àtúnṣe, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí olè bá gbé e. Mo ti rí ibi tí wọ́n ń yọ owó alùpùpù tó bàjẹ́ nínú owó oṣù ẹni tí wọ́n gbé e fún.

Ní ti ìtọ́jú ìlera, ìbéèrè mẹ́ta ti tó: ta ni ó bò, òṣìṣẹ́ nìkan ni tàbí ọkọ, aya àti ọmọ pẹ̀lú? Ìdá mélòó ni ó ń san, àti bóyá ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá a padà? Ṣé ó gba oyún àti ìbímọ? Ìsinmi ìbímọ fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 14, òfin ló fún obìnrin, ilé iṣẹ́ kọ́ ló fi ń ṣe àánú. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ àjẹmọ́nú bí ẹni pé ẹ̀bùn ni.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí kò sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan, àmọ́ tó yẹ kí ẹ béèrè: “Iye wo ni ẹ ó kọ ránṣẹ́ sí CNSS lórúkọ mi?” Àwọn kan máa ń kọ owó gangan nìkan, tí wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì yín, àti owó tí obìnrin ń gbà nígbà ìsinmi ìbímọ, iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìfilọ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn

Ìfilọ̀, tí Faransé ń pè ní prẹ̀afí, ni àsìkò tó wà láàárín ọjọ́ tí ẹnì kan sọ pé òun fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí àti ọjọ́ tó parí. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ wa, ó jẹ́ oṣù kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún káádírì àti ọ̀gá iṣẹ́. Ẹni tó bá sì jáde láì ṣe é, ìbá à jẹ́ ilé iṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́, yóò san owó tó bá àsìkò náà mu.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé yìí ṣe. Ó kọ oṣù mẹ́ta sọ́rùn òṣìṣẹ́, kò sì kọ nǹkan kan sí ti ilé iṣẹ́. Bí ọmọbìnrin yìí bá rí iṣẹ́ tó dára jù lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n ní kó wá láàárín oṣù kan, wọ́n lè ní kó san oṣù méjì tó kù. Ní 120,000 lóṣù, 240,000 fránkì nìyẹn. Ta ni yóò rí i san? Yóò jókòó. Ohun tí ìfilọ̀ gígùn ń ṣe nìyẹn fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré: ó ń tì í mọ́lé. Ohun tí ẹ ó béèrè ni kí àsìkò náà dọ́gba fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì bá kátégórì yín mu.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ju èyí lọ, tí kò sì yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí kọ́ńtrà bá ní ọjọ́ tí yóò parí, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní sédédé, ìfilọ̀ kọ́ ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ló ń parí rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, àdéhùn àwọn méjèèjì, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tàbí ohun tó ju agbára èèyàn lọ nìkan ló lè fòpin sí i. Ẹni tó bá kàn jáde láàárín lè dé ilé ẹjọ́ iṣẹ́ kó sì san owó ìtanràn. Èyí náà sì ń dáàbò bo òṣìṣẹ́: lẹ́yìn ìdánwò, ilé iṣẹ́ náà kò lè kàn lé e lọ kí oṣù méjìlá tó pé. Láti ìgbà òfin 2017-05, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, wọ́n lè máa tún sédédé ṣe láìsí iye kan tó dá a dúró. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò sọ ọ́ di iṣẹ́ aláìlópin. Bí iṣẹ́ aláìlópin lẹ fẹ́, ìsinsìnyí ni kí ẹ béèrè rẹ̀.

Nínú ìwé ọmọbìnrin yẹn, ìlà ìfilọ̀ oṣù mẹ́ta wà nínú kọ́ńtrà oṣù méjìlá. Ìlà méjèèjì ń bá ara wọn jà. Ibi tí ìwé bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkọ, torí ọjọ́ tí ìjà bá dé, kálukú ni yóò mú ìlà tó wù ú.

Ìfilọ̀ ẹ̀yìn wá ńkọ́? Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ náà ní ìfilọ̀ tirẹ̀. Ọmọbìnrin yìí jẹ ilé-ìwé Kétu ní oṣù kan, àwọn ará Wàńdó sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá tẹ̀lé wọn, gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì ti wà lọ́rùn rẹ̀ ní Kétu, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ara wọn. Ẹ ṣírò ọjọ́ yẹn kí ẹ tó fún ilé iṣẹ́ tuntun lésì, ẹ má sì kọ̀wé kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́ títí ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí yóò fi wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ fóònù, iṣẹ́ tí wọ́n rán sí yín lórí Wásáàpù, ìwé tí ilé iṣẹ́ kò tíì fọwọ́ sí: kò sí èyí tó lè gbà yín nínú wọn bí wọ́n bá yí ọkàn padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́

Ẹ má fẹnu béèrè nìkan. Ìwé kúkúrú ni kí ẹ kọ, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ pé iṣẹ́ náà wù yín, kí ẹ wá to ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe kedere. Ẹ má ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ẹ sì fi èyí tó ṣe pàtàkì jù sí òkè. Ẹ má sọ pé “ìwé yín lòdì sófin,” kódà bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kàn béèrè pé, “Ṣé kátégórì tí ẹ kọ yìí bá ìdánwò oṣù mẹ́ta mu?” Ẹni tó kọ ìwé náà yóò lọ wò ó, yóò sì rí ọ̀nà tún un ṣe láìsí ìtìjú.

Ọmọbìnrin wa kọ márùn-ún: kí ìdánwò bá ipò akọ̀wé mu, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí; kí wọ́n pa owó ilé pọ̀ mọ́ owó gangan, kó di 80,000; kí ìfilọ̀ jẹ́ oṣù kan fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; kí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù tó jẹ ní Kétu; kí iṣẹ́ náà jẹ́ aláìlópin. Ó dá a lójú pé wọ́n á bínú. Wọ́n pè é lọ́jọ́ kejì. Ìdánwò di oṣù kan, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n gbà kí owó gangan di 80,000, torí àròpọ̀ 120,000 kò yí padà. Wákàtí àṣekún rẹ̀ sì kúrò ní 346, ó di nǹkan bíi 461. Wọ́n gba ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ti ìfilọ̀, wọ́n yọ ìlà náà, wọ́n sì fi gbólóhùn kan rọ́pò rẹ̀ pé àwọn méjèèjì lè fòpin sí kọ́ńtrà náà nípa àdéhùn tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ aláìlópin nìkan ni wọ́n kọ̀. Ó rò ó fún ọjọ́ méjì, ó gbà á.

Bí wọ́n bá ní “bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń fọwọ́ sí i níbí,” tí nǹkan kan nínú rẹ̀ sì ń kọ yín lóminú, ẹ gbé ẹ̀dà ìwé náà lọ sí bíróò alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba, tí a ń pè ní ẹ̀ńspẹ̀ksíọ̀n. Ti ìhà wa wà ní Àjàṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì dìgbà tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó lọ béèrè. Ẹ mú ìlà tó rú yín lójú lọ, kí ẹ sì béèrè gígùn ìdánwò tó tọ́ sí kátégórì tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ọjọ́ ìfọwọ́sí

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọ́ ni kọ́ńtrà. Kọ́ńtrà máa ń tẹ̀lé e lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ó máa ń gùn jù ú, wọ́n á sì ní kí ẹ tètè fọwọ́ sí i torí iṣẹ́ ń dúró. Ẹ gbé ìwé àkọ́kọ́ dání lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ìka tọ́ka sí ìlà owó, ìdánwò, àjẹmọ́nú àti ìfilọ̀ nínú méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú kọ́ńtrà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kún un, tàbí kí wọ́n kọ pé ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ apá kan rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti ìkẹyìn nìkan, kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ ti àárín. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín tí ilé iṣẹ́ ti fọwọ́ sí, kí ẹ tó jáde ní bíróò náà. Lóṣù kejì, ẹ béèrè nọ́ńbà CNSS yín, kí ẹ sì fi owó tó wà lórí ìwé owó oṣù wé èyí tí ẹ ti ṣírò nílé.